Òwe Ìbáwí: Bí Àgbà Ṣe Ń Báni Wí Láìbúni

Ní èdè Yorùbá, ìbáwí yàtọ̀ sí èébú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè dun ẹni tí a sọ wọ́n sí bákan náà. Ẹni tí ó bú ènìyàn ń sọ ohun tí onítọ̀hún jẹ́: ọ̀lẹ ni, òmùgọ̀ ni, aláìnítìjú ni. Ẹni tí ó bá ènìyàn wí ń sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe, ó sì ń retí pé yóò ṣíwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè pe àgbà tí ó bú ọmọ ọlọ́mọ kí ó wá sọ ti ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ọmọ náà wí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìbáwí tí ó bá le díẹ̀ kì í pẹ́ yí padà di èébú lẹ́nu. Bí inú bá ń bí àgbà, "o kò bọ̀wọ̀ fún wa" kò jìnnà rárá sí "aláìnítìjú ni ọ́." Òwe wà lára ohun tí àwọn Yorùbá fi ń pa ààlà sí àárín àwọn méjèèjì. Pẹ̀lú òwe, àgbà lè sọ ọ̀rọ̀ tí yóò wọ ẹni tí ó ń bá wí lákínyẹmí ara, kí ó má sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé èébú nìyí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wò ni bí èyí ṣe ń ṣeé ṣe: ohun tí ó wà nínú gbólóhùn òwe fúnra rẹ̀, àti nínú ọ̀nà tí àgbà gbà ń pa á, tí ọ̀rọ̀ fi lè mú tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó rùn lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́.

Ẹni tí a ń bá wí kò sí nínú gbólóhùn

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe kan tí ó le gan-an: "Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ burúkú rìn, tí ó ti kìlọ̀ fún un títí tí kò gbọ́, lè fi òwe yìí bá a wí. Kí a pe ènìyàn ní ajá jẹ́ èébú gidi láàrin àwọn Yorùbá. Bí bàbá náà bá wí pé "ajá ni ọ́," àwọn ará ilé pàápàá yóò dá sí i, wọn yóò sì ní ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú òwe yìí, bàbá dárúkọ ajá, ó sọ pé yóò sọnù, ó sì sọ ọ́ lójú ọmọ náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó pe ọmọ rẹ̀ ní ajá. Ajá ọdẹ ni ajá inú òwe, inú igbó ni ó sì wà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò rìn lọ dúró sí ipò ajá yẹn nínú ọkàn rẹ̀.

Bí a bá wo gbólóhùn náà bí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà ṣe ń wò ó, a ó rí i pé kò sí arọ́pò orúkọ ẹni kejì nínú rẹ̀ rárá. Kò sí "o", kò sí "ìwọ", kò sí "ẹ". Báyìí ni ọ̀pọ̀ òwe ìbáwí rí. Òmíràn a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹni tí", bí ẹni pé ẹnìkan tí a kò mọ̀ rí ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Òmíràn a máa fi "a kì í" sọ ohun tí kò yẹ: "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀." "A" tí ó wà nínú "a kì í" yìí kì í ṣe àgbà tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ nìkan. Gbogbo ẹni tí ó mọ ìwà hù ni, láti ayébáyé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti fi orí tẹlẹ̀ ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú "a" náà, kò sì sí ẹni tí ó lé e jáde.

Ohun kan tún wà nínú òwe ajá tí kò yẹ kí a fò dá. Ọdẹ ni ó ń fun fèrè náà. Ó ń fun ún kí ajá rẹ̀ lè mọ ibi tí òun wà nínú igbó, kí ó sì padà wá bá òun. Ẹni tí ó ń fun fèrè kò tíì pa ajá rẹ̀ tì. Bí bàbá bá pa òwe yìí, ó ti fi ara rẹ̀ sí ipò ọdẹ, ọmọ tí ó bá sì ní etí yóò gbọ́ nínú ìbáwí náà pé wọ́n ṣì ń pe òun wá sílé. Èébú kò lè gbé irú ẹrù méjì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohùn tí kì í ṣe ti ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀

Kí àgbà tó pa òwe, ó sábà máa ń sọ pé "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní" tàbí "Yorùbá bọ̀, wọ́n ní." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ka ìsọ yìí sí ọ̀ṣọ́ lásán, bẹ́ẹ̀ ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí àgbà bá sọ èrò tirẹ̀, ẹni tí ó ń bá wí lè jà á níyàn. Ó lè ní bàbá kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, tàbí pé inú ló ń bí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wá láti ẹnu àwọn tí ó ti lọ, oníṣẹ́ lásán ni ẹni tí ó wà níwájú wa. Ẹnikẹ́ni kì í sì í bá oníṣẹ́ jà. Èyí máa ń dín ìjà kù fún ẹni tí a ń bá wí pẹ̀lú: kì í ṣe ẹnìkan ni ó borí rẹ̀, ọgbọ́n tí òun náà bá láyé ni.

Lẹ́yìn èyí ni dídá òwe dúró lágbede méjì. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n pé "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi." Àgbà tí ó mọ òwe ìbáwí lò dáadáa kì í sábà pa á tán. Ó lè sọ pé "Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn…" kí ó sì dákẹ́. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ apá kejì, pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà tí ó jẹun tí kò ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí ọmọ tí yóò bá a gbé igbá tí ó fi jẹun. Ojú ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ yóò ti wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú dé ibi igbá.

Níbi ìdákẹ́ yìí ni òwe ìbáwí ti lágbára jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ní ẹ̀yẹ jù. Apá tí ó mú, tí ó ń sọ ìyà tí yóò jẹ oníwà bẹ́ẹ̀, ni àgbà fi sílẹ̀ láìsọ. Ẹni tí a ń bá wí ni yóò parí ìbáwí ara rẹ̀ nínú ikùn ara rẹ̀. Nígbà kan náà, àgbà ti sọ fún un láìsọ pé òun kà á mọ́ ọmọlúwàbí, nítorí pé ọmọlúwàbí nìkan ni a ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Ìyìn ti wọlé sínú ìbáwí, ẹni tí a sì yìn báyìí ní ohun tí ó lè pàdánù bí ó bá ṣe bí ẹni pé kò gbọ́.

Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbí. A lè pa òwe *fún* ènìyàn, kí ó fi kọ́gbọ́n; a sì lè pa òwe *mọ́* ènìyàn, kí ó mọ̀ pé òun ni. Òwe kan náà ni ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bí ẹnìkan bá dé ilé tí ó ní "òwe ni wọ́n ń pa mọ́ mi níbẹ̀," àwọn ará ilé kì í béèrè irú òwe tí ó jẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ibẹ̀ kò dára fún un.

Ọ̀gọ̀mọ̀ níbi ìpàdé ẹbí

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, kí a sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé lè ti jókòó sí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá kan kú, ó fi ilé kan sílẹ̀ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú. Àbúrò olóògbé, tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ni ó ń darí ìpàdé ẹbí. Òun náà ni ó ran àkọ́bí olóògbé lọ́wọ́ láti ka ìwé. Àkọ́bí yìí jẹ́ ẹni ọdún 27. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí Èkó. Bí bàbá ṣe ń ṣàlàyé ẹni tí yóò gba iyàrá wo, àti bí wọn yóò ṣe máa pín owó ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́mọkùnrin náà já lu ọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ayé ti kọjá ibi tí ẹ wà. Ìwé ilé yìí gan-an kò tíì pé. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a kàwé bójú tó o."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò parọ́. Òótọ́ ni pé ìwé ilé kò pé, òótọ́ náà sì ni pé ó lè dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹnu tí ó fi sọ ọ́ ni kò dára.

Bàbá kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, kò wo ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó jókòó lápá òsì rẹ̀ ni ó kọjú sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọ̀mọ̀, ó ní òun ó kan ọ̀run." Ó dákẹ́. Ìyá àgbà náà mi orí, ó sì dáhùn ní ohùn jẹ́jẹ́, "Àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí?"

Ẹni tí kò bá gbé ìdí ọ̀pẹ rí lè má mọ bí òwe yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Ọ̀gọ̀mọ̀ ni ewé ọ̀pẹ tuntun tí kò tíì là, tí ó máa ń yọ láti àárín gbùngbùn orí ọ̀pẹ, tí ó nàró ṣánṣán bí ọ̀kọ̀. Ní àkókò tí ó ń yọ, kò sí imọ̀ kankan lórí igi náà tí ó dojú kọ òkè bíi tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀ lè rò pé kò ní dúró mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, yóò là, yóò fẹ̀, yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀gọ̀mọ̀ mìíràn yóò sì yọ ní àárín. Gbogbo imọ̀ tí ó tẹ̀ yí ọ̀pẹ ká ni ó ti jẹ́ ọ̀gọ̀mọ̀ rí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kan ọ̀run.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá pa òwe náà, ó ti sọ gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. "Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ" ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tuntun àti ìwé ẹ̀rí tuntun. "Ó ní òun ó kan ọ̀run" ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbéraga. Àwọn aṣáájú ni àwọn àgbà tí ó jókòó yí i ká, tí àwọn náà ti jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó gbọ́n ju baba wọn lọ ní ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ kò sí "ìgbéraga" nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí "àfojúdi", kò tilẹ̀ sí "ọmọdé". Ìbéèrè ni wọ́n fi parí rẹ̀, ìbéèrè náà sì jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ní ọgbọ́n lè dáhùn fúnra rẹ̀ bí ó bá wo ojú àwọn tí ó yí i ká.

Kí ni ọmọ náà lè ṣe? Ó lè fi ìbínú béèrè pé, "Ṣé èmi ni ẹ ń pè ní ọ̀gọ̀mọ̀?" Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba oyè náà. Bàbá yóò kàn wí pé ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ ni òun ń sọ, àwọn ènìyàn yóò sì rẹ́rìn-ín. Ó lè ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ̀ pé ó gbọ́, àìgbọ́ rẹ̀ yóò sì di ẹ̀sùn kejì. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ohun tí ọmọ tí a tọ́ dáadáa yóò ṣe ni ó ṣe: ó dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ." Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó mọ ohun tí ó ń tọrọ àforíjì fún.

Bàbá dáhùn: "Dìde, ọmọ mi. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ìwé ilé tí o mú wá yẹn, wá sọ ọ́ kí a gbọ́." Òwe kejì yìí kì í ṣe àfikún lásán. Òun ni ó sọ fún gbogbo ilé pé ìbáwí ti parí, kí ẹnikẹ́ni má sì tún fi ọ̀rọ̀ ọ̀gọ̀mọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn náà. Ó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé ilé padà wá sí àárín ìpàdé, nítorí pé òwe àkọ́kọ́ kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìwà tí ọmọ náà hù ni ó bá wí. Ká ní bàbá ti sọ ọ́ lójú abẹ níkòó pé "ìwé díẹ̀ tí o kà ló ń gùn ọ́," ìwé náà ni ì bá di kókó ìjà. Ìyá ọmọ ì bá bínú, àwọn àbúrò rẹ̀ ì bá tò sẹ́yìn rẹ̀, ìpín ilé náà sì lè dé kóòtù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí pé òótọ́ ni ìwé kò pé.

Yíyàn òwe náà tún yẹ ní wíwò. Bàbá yìí ni ó san owó ilé-ìwé ọmọ náà. Ó rọrùn fún un láti pa òwe oore tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó fi aláìmoore wé ọlọ́ṣà. Ó sì lè sọ pé "Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ." Méjèèjì kò ní èébú nínú, ṣùgbọ́n wọn kò bá ẹ̀ṣẹ̀ náà mu. Ọmọ náà já lu ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sẹ oore. Ẹni tí ó bá fi òwe oore dá ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu lóhùn ti ń ka owó tí ó ná sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, iyì tirẹ̀ ni yóò sì dínkù. Yàtọ̀ sí èyí, òwe odò kò béèrè ohunkóhun. Ó dájọ́ pé "yóò gbẹ," ó sì fẹ́ jọ èpè létí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn. Ọ̀gọ̀mọ̀ ní tirẹ̀ kì í kú nítorí pé kò kan ọ̀run. Yóò kàn tẹ̀ bí àwọn yòókù, yóò sì di imọ̀ tí ó wúlò. Àgbà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wọn òwe kí ó tó jù ú.

Nígbà tí òwe bá di èébú

Kì í ṣe pé bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ òwe, ó ti bọ́ lọ́wọ́ èébú. Ojú àti ìka lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí bàbá inú àpẹẹrẹ wa bá ti na ìka sí ọmọ náà nígbà tí ó ń pe ọ̀gọ̀mọ̀, tàbí tí ó fi "bí ìwọ yìí" kún un, ẹni kejì tí òwe yọ kúrò nínú gbólóhùn ti padà wọlé nìyẹn, gbogbo ààbò náà sì ti fọ́. Bákan náà ni ó rí bí ó bá túmọ̀ òwe náà lẹ́yìn tí ó pa á tán. Ìtumọ̀ ń sọ fún ẹni tí a bá wí pé wọn kò kà á mọ́ ẹni tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún, èyí sì máa ń dùn ún ju ìbáwí lọ. Àgbà tí ó to òwe mẹ́ta mẹ́rin léra lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà sì ti kúrò níbi ìbáwí, ó ti ń ṣe ẹ̀sín.

Èyí tí ó léwu jù ni òwe tí ó dárúkọ àbùkù ara. Ọ̀pọ̀ òwe Yorùbá ní afọ́jú, arọ tàbí adẹ́tẹ̀ nínú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn láìṣe ẹnikẹ́ni níbi níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí. Bí ẹni tí ojú ń dùn tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò lè rìn bá jókòó síbẹ̀, àgbà yóò wá òmíràn lò, bí èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu ju gbogbo wọn lọ. Níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí "àwọn àgbà bọ̀" tí ó lè gba ènìyàn sílẹ̀.

Àǹfààní yìí kì í sì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, ó ní láti tọrọ ààyè pẹ̀lú "tótó, ó ṣe bí òwe," àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò máa rí òmíràn pa. Àgbà kò nílò ìtọrọ yìí nígbà tí ó bá ń bá ẹni tí ó kéré sí i sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àgbà tí ó ń ṣe bí ọmọdé, àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tọ́ sí láti wí pé "Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà." Ara adìẹ náà funfun bí orí arúgbó, síbẹ̀ ó ń tú àtàn kiri pẹ̀lú àwọn òròmọdìẹ. Ọmọdé tí ó bá sọ ọ́ sí àgbà ti rú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ rírùn nínú rẹ̀.

Níbí ni àgbà aláìṣòótọ́ ti máa ń rí ibi sá sí. Ká gbà pé àgbà kan ń gba owó ilé ẹbí fún ọdún púpọ̀, tí ọ̀dọ́ kan sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí àgbà náà bá dáhùn pé "Ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìnàró," ìbáwí ni ó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ náà ṣẹ̀? A lè fi èyí dá òwe ìbáwí mọ̀ yàtọ̀ sí òwe ìpanilẹ́numọ́. Òwe ìbáwí máa ń ní ìwà kan tí ó ń tọ́ka sí, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ sílẹ̀ kí a lè padà sórí rẹ̀. Òwe ìpanilẹ́numọ́ kò rí ìwà kankan bá wí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ó fẹ́ kí ó parí. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ṣàìní èsì. Ó lè kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní, "Ẹ̀yin àgbà náà ni ẹ máa ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe." Ó ti pa gbogbo òfin mọ́, ìbéèrè owó sì tún ti padà sórí ẹní.

Bí a ṣe ń kọ òwe ìbáwí sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni a máa ń rán lọ sílé láti lọ gba òwe jọ, tí wọn a sì mú àkójọ tí ó ní òwe àti ìtumọ̀ nìkan bọ̀. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún wa èyí tí ó jẹ́ ìbáwí. Ní 1964, Òjó Arẹ̀wà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti fi òwe Yorùbá, pàápàá àwọn tí a fi ń tọ́ ọmọ, ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ òwe nìkan kò tó: ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó pa á, ẹni tí ó pa á fún, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó fi pa á. Délànọ̀ pẹ̀lú, nínú *Òwe Lẹ́ṣin Ọ̀rọ̀* tí ó jáde ní 1966, kò fi mọ sí ìtumọ̀ òwe, ó tún sọ bí a ṣe ń lò wọ́n.

Fún òwe ìbáwí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun méjì kún un: ibi tí àgbà ń wò nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, àti ibi tí ó ti dá òwe náà dúró. Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Òwe ajá ọdẹ tí a fi bẹ̀rẹ̀, bí ìyá bá pa á ní ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń múra láti jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa wọn, ìbáwí ni, fèrè sì ń dún. Bí ará ilé bá pa á ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ náà ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá tí ìyá rẹ̀ sì jókòó tí ó ń sunkún, ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú òwe náà, ṣùgbọ́n kò sí fèrè mọ́ nínú rẹ̀. Ìyá náà ni wọ́n pa á mọ́.